Èló ni àwo oúnjẹ kan dúró lé wa lórí? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún alásè tó ń gba iṣẹ́ kéékèèké

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣirò tó wà níbí dá lé: àwo oúnjẹ 60, ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ tòmátì, adìẹ yíyan àti kárọ́ọ̀tì sísè. N kò fi owó ìlú kankan pè é, "ẹyọ" ni mo kàn ń sọ. Ẹ fi iye tí wọ́n ń pè é lọ́jà yín rọ́pò tèmi. Ọ̀nà tí a gbà ń ṣírò rẹ̀ kò ní yí padà.

Iṣẹ́ ń wọlé, àwọn èèyàn ń yin oúnjẹ mi, síbẹ̀ n kì í rí owó kankan lọ́wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Níbo ló ń gbà lọ?

Ó sábà máa ń gba ibi mẹ́ta lọ. Èkíní, ẹ ń fi ìwọ̀n tí ẹ rà lọ́jà ṣírò owó, bẹ́ẹ̀ ohun tó dé inú àwo ni oníbàárà ń jẹ, ìwọ̀n méjèèjì kì í sì í dọ́gba. Èkejì, ohun tí ẹ rà nìkan lẹ ń kọ sílẹ̀. Gáàsì, owó ọkọ̀ àti wákàtí tí ẹ fi dúró nídìí iná kò sí nínú ìwé. Ẹ̀kẹta, ẹ fi èrè lé e, àmọ́ èrè náà kéré sí ohun tí ẹ rò pé ẹ fi lé e.

Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìwé ọjà mi mọ́ tónítóní, gbogbo ohun tí mo rà ló wà níbẹ̀, dé orí ewé tí mo fi sínú ìrẹsì. Mo máa ń ro ó pọ̀, mo máa ń fi ìdajì rẹ̀ lé e, mo sì máa ń pè é ní iye tí màá tà á. Ìgbà tí mo gbé adìẹ tó ti jiná sórí òṣùwọ̀n ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Kí ni mo nílò kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Òṣùwọ̀n kan tó ń ka gíráàmù, òmíràn tó lè gbé ìkòkò ńlá àti sílíńdà gáàsì, ìwé kan àti ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí fóònù. Ẹ má fi agolo tàbí abọ́ wọn nǹkan fún ìṣirò yìí. Agolo tí ẹ rọ kún dòòrò lónìí lè má kún bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Kílò kan ni mo ra adìẹ, kí ló dé tí kì í fi í pé kílò kan nínú àwo?

Ibí yìí ni owó tó pọ̀ jù ti ń sọnù, torí náà ẹ jẹ́ ká rọra lọ.

Mo ra adìẹ tí wọ́n ti gé, kílò kan, 900 ẹyọ. Nígbà tí mo yọ ọ̀rá tó dì mọ́ ọn lára, tí mo gé awọ tó ń já jálẹ̀ àti àwọn eegun wẹ́wẹ́ tó fọ́ kúrò, 900 gíráàmù ló kù lórí òṣùwọ̀n. Mo fi èròjà pa á, mo yan án. Bó ṣe jáde, mo gbé e padà sórí òṣùwọ̀n: 675 gíráàmù. Iná ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin lára rẹ̀, omi àti ọ̀rá tó ń ṣẹ́ jáde sínú páànù ni. Kì í ṣe pé mo jó o. Bí ẹran ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí ẹ bá sì jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná, ohun tó máa lọ á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ègé adìẹ kan nínú àwo mi jẹ́ 135 gíráàmù lẹ́yìn tó bá jiná. 675 pín sí 135, ó jẹ́ àwo márùn-ún. Kílò kan tí mo fi 900 ẹyọ rà, àwo márùn-ún péré ló bọ́, nítorí náà adìẹ inú àwo kan dúró lé mi lórí ní 180 ẹyọ.

Ẹ wo bí ẹni tí kò wọ̀n ọ́n ṣe máa ṣe é. Á ní gíráàmù 1,000 jẹ́ 900 ẹyọ, 135 gíráàmù á wá jẹ́ bíi 121 ẹyọ ààbọ̀. Ó ti fi 58 ẹyọ ààbọ̀ sílẹ̀ lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Lórí àwo 60, 3,510 ẹyọ nìyẹn. Kò sí olè kankan tó wọ ilé ìdáná rẹ̀ o, òun fúnra rẹ̀ ló fi owó náà ta ọrẹ láìmọ̀.

Ṣé gbogbo nǹkan ló máa ń dín kù báyẹn?

Rárá. Ìrẹsì ń pọ̀ sí i, torí pé ó ń mu omi. Kílò kan gbígbẹ lè di kílò méjì ààbọ̀ sí kílò mẹ́ta, bí irú ìrẹsì náà bá ṣe rí àti bí ẹ bá ṣe fẹ́ kó rọ̀ tó. Tèmi di kílò méjì ààbọ̀. Gíráàmù 250 ni mo ń bù sínú àwo, ìyẹn ni pé kílò kan gbígbẹ bọ́ àwo mẹ́wàá. Mo rà á ní 200 ẹyọ, nítorí náà ìrẹsì àwo kan jẹ́ 20 ẹyọ.

Ohun tó ń ṣi àwọn alásè lọ́nà níbí yàtọ̀ sí ti adìẹ. Wọ́n á fi 250 gíráàmù gbígbẹ ṣírò, wọ́n á ní ìrẹsì àwo kan jẹ́ 50 ẹyọ. Wọ́n á wá rò pé ìrẹsì ló ń jẹ owó, wọ́n á máa fún ìrẹsì pọ nínú àwo, nígbà tó jẹ́ pé adìẹ ló yẹ kí wọ́n fojú sí.

Ọbẹ̀ ń kọ́? Nǹkan bíi mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ ṣírò tòmátì, ata, àlùbósà àti òróró lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwo kan, orí á fọ́ yín lásán. Odindi ìkòkò ni kí ẹ ṣírò. Gbogbo ohun tí mo kó sínú ìkòkò ọbẹ̀ náà, títí kan òróró àti iyọ̀, jẹ́ 2,400 ẹyọ. Mo wọn ìkòkò òfìfo kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọbẹ̀ ti jiná dáadáa tí omi rẹ̀ ti gbẹ, mo tún wọ̀n ọ́n, mo yọ ìwọ̀n ìkòkò kúrò: kílò mẹ́fà. Gíráàmù 100 ló ń wọ àwo kan, tó túmọ̀ sí àwo 60. 2,400 pín sí 60, 40 ẹyọ.

Ìgbà tó ti jiná ni kí ẹ wọ̀n ọ́n o. Ọbẹ̀ tòmátì tí omi ṣì wà lójú rẹ̀ lè tẹ̀wọ̀n ju èyí tó ti gbẹ lọ dáadáa, bí ẹ bá fi ti tútù ṣírò, ọbẹ̀ á tán kí àwo tó tán.

Kárọ́ọ̀tì àti àwọn nǹkan kéékèèké míì?

Kílò kan kárọ́ọ̀tì jẹ́ 250 ẹyọ. Lẹ́yìn tí mo bó o tí mo gé orí àti ìdí rẹ̀, 800 gíráàmù ló kù, àwo mẹ́wàá ní 80 gíráàmù. 25 ẹyọ fún àwo kan. Èròjà tí mo fi pa adìẹ àti òróró tí mo fi pa á lára, mo ro wọ́n pọ̀, mo pín in sí 60, ó jẹ́ 10 ẹyọ.

Oúnjẹ inú àwo kan wá jẹ́ 20, 180, 40, 25 àti 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 275 ẹyọ. Ẹ rí i pé adìẹ nìkan kó 180 nínú rẹ̀.

Ṣé gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sè ni màá máa wọn nǹkan?

Rárá o, ẹ ò ní ráyè. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ mú ìdá àárín rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí iwájú orúkọ nǹkan náà nínú ìwé yín. Ẹ ó tún wọ̀n ọ́n bí ẹ bá yí ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, bí ẹ bá yí irú ìrẹsì padà, tàbí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra adìẹ oníyìnyín. Adìẹ oníyìnyín máa ń gbé omi wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, kí ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí adìẹ olówó pọ́ọ́kú bá ní omi tó pọ̀, ó lè wọ́n ju èyí tí ẹ ń pè ní ọ̀wọ́n lọ bí ẹ bá fi ìwọ̀n tó jiná ṣe é.

Èyí tó dànù, tó jó, tàbí tí a tọ́ wò ńkọ́?

Ẹ fi nǹkan lé e fún un. Èmi ń fi ìdá 4 nínú 100 lé owó oúnjẹ. 275 á wá di 286 ẹyọ. Ìdílẹ̀ ìrẹsì tó dì mọ́ ìkòkò, ègé adìẹ tó já bọ́, ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta tí ẹ tọ́ wò kí iyọ̀ tó pé, gbogbo rẹ̀ wà nínú ẹyọ 11 yẹn. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fi tó 6 tàbí 7 lé e, ẹ ó máa dín in kù bí ọwọ́ yín bá ṣe ń mọ́ iṣẹ́.

Ike ìdìoúnjẹ, ọmọrí rẹ̀, fọ́ọ̀kì, bébà ìnuwọ́ àti náílọ̀n: 25 ẹyọ. Ó ti di 311.

Èmi fúnra mi ni mo ń sè é. Ṣé kí n ka iṣẹ́ ara mi mọ́ ọn?

Ẹ kà á. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà lé lórí jù. Wọ́n á ní, "Ṣebí èrè náà lowó mi." Kì í ṣe ohun kan náà. Owó iṣẹ́ jẹ́ ohun tí ẹ ó san fún ẹlòmíràn bí ara yín kò bá yá lọ́jọ́ yẹn. Bí kò bá sí nínú iye tí ẹ ń tà, ọjọ́ tí ẹ bá gba alásè sípò yín ni ẹ ó mọ̀ pé èrè ò sí níbẹ̀ látilẹ̀.

Fún iṣẹ́ yìí, mo lo wákàtí 2 lọ́jà, 5 nídìí iná àti 1 níbi abọ́ fífọ̀. Wákàtí 8, 300 ẹyọ fún wákàtí kan, 2,400. Àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì, 1,800 ẹnì kọ̀ọ̀kan, 3,600. Àpapọ̀ 6,000 pín sí 60, 100 ẹyọ fún àwo kan. Àwọn kan máa ń gbàgbé wákàtí ọjà pátápátá, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fi rìn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye gáàsì tí mo lò?

Ẹ gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó tan iná, kí ẹ tún gbé e sí i nígbà tí ẹ bá sè tán. Tèmi wọn 24.6 kílò kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì wọn 21.6 lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti lo kílò 3, 400 ẹyọ fún kílò kan, 1,200 ẹyọ. Pín in sí 60, 20 ẹyọ. Lẹ́yìn ìgbà méjì tàbí mẹ́ta ẹ ó ti mọ iye tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mu, kò ní pọn dandan mọ́.

Owó ọkọ̀ lọ sọ́jà àti láti gbé oúnjẹ lọ jẹ́ 1,500, ó jẹ́ 25 fún àwo kan.

Owó ilé, dátà, ìwé àṣẹ, ìkòkò tó ń bàjẹ́: iṣẹ́ wo ni màá kà wọ́n mọ́?

Gbogbo iṣẹ́ ni, díẹ̀díẹ̀. Ẹ ro ohun tó ń lọ lóṣooṣù pọ̀, kí ẹ pín in sí iye àwo tí ẹ sábà máa ń tà lóṣù. Tèmi jẹ́ 18,000, mo sì ń ta bíi 600 àwo, 30 ẹyọ ni. Fún ìkòkò àti ààrò, ẹ fojú bù ú pé yóò lo iye oṣù báyìí, kí ẹ pín iye tí ẹ rà á sí iye oṣù náà. Iye àwo tí ẹ tà gan-an ni kí ẹ lò, ẹ má lo iye tí ẹ ń gbàdúrà láti tà.

Ó dáa. Èló wá ni kí n tà á?

311 fún oúnjẹ àti ike, 100 fún iṣẹ́, 20 fún gáàsì, 25 fún ọkọ̀, 30 fún owó oṣooṣù. Àwo kan dúró lé mi lórí ní 486 ẹyọ. Bí mo bá tà á ní 486, n kò jèrè, n kò sì pàdánù.

Mo fẹ́ kí ìdá 20 nínú 100 owó tó bá wọlé jẹ́ èrè. Ibí ni ẹ̀ẹ̀kẹta ohun tó ń jẹ owó wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi 20 nínú 100 lé 486, á di 583. Èrè ibẹ̀ jẹ́ 97, ṣùgbọ́n 97 nínú 583 kò tó ìdá 17 nínú 100. Kí èrè tó lè jẹ́ 20 nínú iye títà, owó tó ná yín gbọ́dọ̀ jẹ́ 80 tó kù. Nítorí náà, ẹ pín in ni, ẹ má fi lé e:

```
iye títà = 486 ÷ 0.80 = 607.50
```

Mo sọ ọ́ di 610. Èrè mi lórí àwo kan jẹ́ 124 ẹyọ, lórí 60 ó jẹ́ 7,440, yàtọ̀ sí 2,400 tí mo ti san fún ara mi. Bí ẹ bá fẹ́ èrè 25, ẹ pín in sí 0.75. Bí ó bá jẹ́ 30, 0.70.

Níbi tí ìjọba bá ti ní kí ẹ gba owó orí lórí ohun tí ẹ tà, orí 610 ni ẹ ó fi í lé. Kì í ṣe owó yín, ẹ kàn ń bá wọn gbà á ni.

Wọ́n ní kí n kàn fi mẹ́ta sọ owó oúnjẹ di púpọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Àwọn ilé oúnjẹ ló ń lo irú rẹ̀, kí owó oúnjẹ lè wà ní nǹkan bí ìdá 33 nínú 100 iye tí wọ́n ń tà á. Ó bá wọn mu nítorí pé wọ́n ń san owó ilé ńlá àti owó àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún èèyàn lórí ìjókòó, yálà oníbàárà wá tàbí kò wá. Bí mo bá lò ó níbí, 286 ní ọ̀nà mẹ́ta jẹ́ 858, mo sì ti rí i pé 610 tó mi. Ẹlòmíràn wà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé mẹ́ta kò ní tó o, pàápàá bí oúnjẹ rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí èròjà rẹ̀ kò wọ́n ṣùgbọ́n tó ń gba ọwọ́, bíi nǹkan tí a ń dì tàbí tí a ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi ṣe àyẹ̀wò, ẹ má fi ṣe ìpìlẹ̀.

Oníbàárà kan ní àwo 20 péré lòun fẹ́. Ṣé 610 náà ni màá pè é?

Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹ ó pàdánù. Oúnjẹ àti ike máa ń bá iye àwo lọ, 311 ṣì ni. Ṣùgbọ́n ọjà tí ẹ fẹ́ lọ kò ní torí àwo 20 sún mọ́ ilé. Owó ọkọ̀ ṣì jẹ́ 1,500, ó ti di 75 lórí àwo kan. Olùrànlọ́wọ́ kan 1,800, èmi wákàtí 7 ní 2,100, àpapọ̀ 3,900, 195 lórí àwo kan. Gáàsì 700, 35. Owó oṣooṣù 30. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 646. Ní 610, mo ń fi 36 ẹyọ lé oúnjẹ lọ́wọ́ kí n tó gbé e fún un, 720 lórí iṣẹ́ náà.

646 pín sí 0.80 jẹ́ 807.50, mo máa ń pè é ní 810. Bí oníbàárà bá ní ó ti pọ̀ jù, mo máa ń fi iye tí mo ń gbà fún àwo 60 hàn án, kí ó rí i pé iye àwo ló fà á. Àwọn kan máa ń wá ẹlòmíràn láti dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn míì á lọ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n dín in kù díẹ̀, "ìdá 10 nínú 100 péré."

10 nínú 100 lójú wọn, ìdajì èrè lójú yín. 610 á di 549. 486 kò dín kù, nítorí náà èrè yín kúrò ní 124, ó bọ́ sí 63. Kí ẹ tó gbà, ẹ wò ó bóyá ohun kan wà tí ẹ lè yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà: kí wọ́n wá gbé oúnjẹ fúnra wọn, kí wọ́n lo abọ́ ti ara wọn dípò ike. Nígbà náà ẹ̀dínwó náà á ní orísun.

Mo ti pe iye, ọjà wá gbówó lórí kí ọjọ́ tó pé. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ mọ èyí tó gbówó lórí. Bí kárọ́ọ̀tì bá di ìlọ́po méjì, 25 péré ló wọ àwo. Bí adìẹ bá ti 900 di 1,080, ti àwo kan á di 216, èrè yín á sì kúrò ní 124, á wá sí nǹkan bíi 87. Adìẹ nìkan ni mo ń béèrè owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyókù ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fún oníbàárà pé iye yìí dúró fún ọjọ́ 7, àyàfi tó bá san àsansílẹ̀. Àsansílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tó ra ọjà. Ìdajì ni ọ̀pọ̀ ń gbà láìṣírò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, oúnjẹ àti ike àwo 60 jẹ́ 18,660, ìdajì 36,600 sì jẹ́ 18,300. Kò pé! Ìdá 60 nínú 100 ni mo ń gbà, 21,960, kí n lè ra adìẹ lọ́jọ́ tí owó bá ti wọlé, kó tó tún gbéra.

Ìṣirò mi pé, síbẹ̀ oúnjẹ máa ń tán kí gbogbo èèyàn tó jẹ.

Ẹni tó ń bu oúnjẹ ni kí ẹ lọ wò. Mo se kílò 6 ìrẹsì gbígbẹ, ó di kílò 15, tó pé fún àwo 60 ní gíráàmù 250. Ọmọbìnrin tó ń bá mi bù ú ní ọwọ́ ọ̀làwọ́, ó ń fi ènì sí i, 300 gíráàmù nínú àwo. Kílò 15 yẹn bọ́ àwo 50. Nínú owó, ẹyọ 4 péré ni ènì náà lórí àwo kan. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́wàá dúró pẹ̀lú àwo òfìfo, ìyẹn ni iná jó mi.

Láti ìgbà yẹn, ìgbákọ kan pàtó ni a ń lò. Mo bu ìrẹsì sínú rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo rí i pé ìgbákọ méjì tí a fi ọwọ́ gbá ojú rẹ̀ jẹ́ 250. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bu àwo kan, màá gbé e sí iwájú gbogbo wọn bí àpẹẹrẹ, màá sì gbé àwo kẹwàá àti ogún sórí òṣùwọ̀n.

Ẹnì kan ládùúgbò mi ń ta irú rẹ̀ ní 560. Ṣé kí n já a sí ìyẹn?

Ẹ má fọwọ́ kan iye títà kí ẹ tó wo inú àwo. Ibi tí owó pọ̀ sí ni kí ẹ ti gé. Bí mo bá gé adìẹ kílò kan náà sí mẹ́fà dípò márùn-ún, ègé kan á jẹ́ bíi 112 gíráàmù, iye rẹ̀ á sì di 150. Oúnjẹ á bọ́ sí 245, pẹ̀lú ìdá 4 á fẹ́ẹ̀ tó 255, ike àti ìyókù jẹ́ 200. Ó dúró lé mi lórí ní 455. Pín in sí 0.80, nǹkan bíi 569. Mo lè tà á ní 570 pẹ̀lú èrè tí mo fẹ́.

Ẹ wá fi àwo méjèèjì síwájú ara yín kí ẹ wò wọ́n. Nígbà tí mo ṣe é, gíráàmù 23 tó kúrò hàn lójú nínú ike fífẹ̀ tí mo ń lò, ó dà bí àwo tí wọ́n ti mú nǹkan nínú rẹ̀. Mo gbé e sínú ike tó kéré sí i, mo gbé adìẹ lé orí ìrẹsì dípò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Méjèèjì ni mo ń tà báyìí, 610 àti 570, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fún wọn, ìṣirò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà fún wọn nínú ìwé.